Gàrí Mímu àti Gàrí Ẹ̀bà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìpìlẹ̀ Tí A Fi Pín Ọjà Nínú Ìbéèrè Ìdánwò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ nípa ọjà títà, ìbáà ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ọjà Ọba Ìkẹ́rẹ́ náà yóò rí nǹkan mú níbẹ̀, nítorí pé owó tí a máa ń pàdánù nínú ìdánwò yìí, àwọn ìyá wa ń pàdánù rẹ̀ lórí àtẹ pẹ̀lú.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìbéèrè bá sọ ìtàn kúkurú nípa oníṣòwò kan, tó sì ní kí a dárúkọ ìpìlẹ̀ tí ó fi pín àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ìsọ̀rí, báwo ni a ṣe ń mọ ìpìlẹ̀ náà gan-an? Púpọ̀ nínú wa ló mọ orúkọ àwọn ìpìlẹ̀ náà lórí bí ẹni mọ Fátíà, síbẹ̀ tí ìtàn bá dé, a ó mú èyí tí kò tọ̀nà.

Ìbéèrè náà

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè kan ṣe ìdánrawò. Àwa la kọ ọ́ fún kíláàsì wa ti ìrọ̀lẹ́, a sì fi ilẹ̀ wa níbí ṣe àpẹẹrẹ:

«Ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń ra ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko Ìsẹ̀ àti Èmùré, ó sì ń fi ṣe gàrí. Gàrí tí ó lè yan lọ́sẹ̀ kò lè ju 60 kóńgò lọ. Àwọn 40 ènìyàn ló ń ra gàrí tí wọn yóò fi omi tútù mu, ìlàjì kóńgò ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń rà lọ́sẹ̀. Nínú wọn, 24 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, 16 yòókù jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Gàrí tó kúná, tó gbẹ, tó sì kan dáadáa ni wọ́n fẹ́. Àwọn ilé 30 ń ra gàrí ẹ̀bà, kóńgò méjì-méjì lọ́sẹ̀. Èyí tó ń wú dáadáa tí kò sì kan jù ni wọ́n fẹ́. Àwọn olóúnjẹ 3 ń ra 20 kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ fún bùkà wọn. Wọ́n ń bèèrè ẹ̀dínwó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì ń sanwó. Èrè lórí kóńgò kan jẹ́ 300 náírà lórí gàrí mímu, 150 náírà lórí gàrí ẹ̀bà, àti 80 náírà lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ. Ìpìlẹ̀ wo ni ó yẹ kí ìyá yìí fi pín ọjà rẹ̀? Kí ni ìdí rẹ̀? Ìsọ̀rí wo ni kí ó dojú kọ?»

Nígbà tí a gbé ìbéèrè yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wọn kọ ni pé ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ náà, nítorí pé ìtàn dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ó dárúkọ àgbẹ̀, ó sì dárúkọ olóúnjẹ. Àwọn díẹ̀ kọ ibùgbé, nítorí wọ́n rí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Gbogbo wọn ló ka ìtàn náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ hàn sí wọn lójú ni wọ́n gbá mú. Bí ẹni tó ń kọ ìbéèrè ṣe ń dẹ pàńpẹ́ nìyẹn.

Ìpìlẹ̀ mẹ́rin

Kí á tó tú pàńpẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí á to àwọn ìpìlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní ṣókí.

Èkíní ni ìpìlẹ̀ ibùgbé, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní jiogíráfíkì. Ibi tí oníbàárà ń gbé ló mú kí ohun tí ó fẹ́ yàtọ̀: ìlú ńlá tàbí abúlé, ilẹ̀ òjò tàbí ilẹ̀ ọ̀dá.

Èkejì ni ìpìlẹ̀ irú ẹni, tí wọ́n ń pè ní dẹmogíráfíkì. Èyí ni ohun tí a lè kọ sínú fọ́ọ̀mù nípa ènìyàn: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, iye ọmọ, iṣẹ́, owó tó ń wọlé, ìwé tí ó kà, àti ẹ̀sìn.

Ẹ̀kẹta ni ìpìlẹ̀ èrò-ọkàn, tí wọ́n ń pè ní saikogíráfíkì. Ohun tí ènìyàn gbàgbọ́, ohun tí ó kà sí pàtàkì, àti irú ìgbé-ayé tí ó yàn fún ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìpìlẹ̀ ìṣe, tí wọ́n ń pè ní bihéfíọ̀rà. Èyí kì í ṣe nípa irú ẹni tí oníbàárà jẹ́ bí kò ṣe nípa ohun tí ó ń ṣe sí ọjà náà gan-an: kí ni ó fẹ́ fi ṣe, àǹfààní wo ni ó ń wá lára rẹ̀, báwo ni ó ṣe ń rà á tó, ìgbà wo ni ó ń rà á, ṣé ó ń tẹ̀lé oníṣòwò kan ṣoṣo ni àbí ó ń kiri.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Wẹ́ńdẹ́lì Símíìtì, ló gbé ọ̀rọ̀ pípín ọjà sí ìsọ̀rí kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ọjà títà ní 1956. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí a ń pè ní ọjà kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọjà kéékèèké, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń bèèrè kò dọ́gba. Ẹ fiyè sí i: ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè ni. Bí ènìyàn méjì bá yàtọ̀ ní ọjọ́ orí, ní iṣẹ́ àti ní ìlú, ṣùgbọ́n tí ohun kan náà ni wọ́n ń bèèrè lọ́nà kan náà, ìsọ̀rí kan ni wọ́n wà lójú oníṣòwò.

Bí a ṣe ń dán ìpìlẹ̀ wò

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ohun tí oníṣòwò náà ní láti yí padà láti orí ìsọ̀rí kan sí òmíràn. Ṣé ọjà náà fúnra rẹ̀ ni, ṣé iye owó rẹ̀ ni, ṣé ibi tí ó ti ń tà á ni, àbí ọ̀nà tí ó fi ń polówó rẹ̀? Bí kò bá sí ohun tó yí padà, kò sí ìpín kankan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bèèrè pé, kí ni ó wà lára àwọn oníbàárà tí ó mú kí àyípadà yẹn pọn dandan? Ohun tí ẹ bá dárúkọ níbí ni ìpìlẹ̀ tí ẹ ó dán wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìdánwò ènìyàn méjì. Ẹ mú ènìyàn méjì tí wọ́n jọra nínú ìpìlẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ, kí ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọn yóò rà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú méjì tí wọ́n yàtọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń rà yàtọ̀. Bí àwọn tó jọra bá ń ra ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn tó yàtọ̀ sì ń ra ohun kan náà, ìpìlẹ̀ tí ẹ mú kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìyá onígàrí wa wá síbẹ̀. Kí ni ó ń yí padà? Gàrí náà fúnra rẹ̀ ni. Fún gàrí mímu, lẹ́yìn tí ó bá rin ẹ̀gẹ́ tán, tí ó di í sínú àpò, tí ó sì gbé òkúta lé e, yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i kí ó lè kan. Yóò sẹ́ ẹ kí ó kúná, yóò sì yan án gbẹ nínú agbada, nítorí gàrí tí kò gbẹ yóò rọ̀ kíákíá nínú omi, kò sì ní dùn ún mu. Fún gàrí ẹ̀bà, kò nílò kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àpò. Ohun tí onílé ń wò ni bí yóò ṣe wú tó nínú omi gbígbóná. Ìgbésẹ̀ kìíní parí.

Kí ni ó wà lára àwọn oníbàárà tí ó mú kí èyí pọn dandan? Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gàrí ṣe ni. Ẹnì kan fẹ́ mu ún, ẹnì kan fẹ́ tẹ̀bà. Ìgbésẹ̀ kejì parí.

Ó wá ku ìdánwò ènìyàn méjì. Ká ní ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ni a kọ. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ní kíláàsì kan náà. Èkíní ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́, kò ní àkókò láti dáná, gàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Èkejì ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Wọ́n jọra nínú ọjọ́ orí àti iṣẹ́, gàrí wọn sì yàtọ̀. Ẹ tún mú akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ yìí àti bàbá àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń roko lọ́nà Èmùré. Tí oòrùn bá kan àtàrí, bàbá náà kò ní dáná lóko. Yóò bu omi sí gàrí, yóò mu ún, yóò sì padà sídìí ọkọ́. Ọjọ́ orí wọn jìnnà síra, iṣẹ́ wọn kò jọ, ṣùgbọ́n gàrí kan náà ni wọ́n ń wá. Ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ti ṣubú lápá méjèèjì.

Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìlò ṣe ìpìlẹ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ mu gàrí yóò bọ́ sí apá kan, gbogbo ẹni tó fẹ́ tẹ̀bà yóò bọ́ sí apá kejì, ẹnikẹ́ni kò ní ṣì yà. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ ìṣe ni. Ti àwọn olóúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀bà ni àwọn náà ń fi ṣe, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń rà pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó sì yàtọ̀. Bí a ṣe ń rà á tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ ìṣe pẹ̀lú. Àwọn ìwé mìíràn máa ń ya àwọn tó ń rà láti fi ṣòwò sọ́tọ̀ sí àwọn tó ń rà fún ẹnu ara wọn. Bí olùkọ́ yín bá kọ́ yín bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kò ba ìdáhùn yìí jẹ́.

Ìlú Ìsẹ̀ àti Èmùré tí àwọn kan gbá mú ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá. Ìtàn kò sọ pé àwọn oníbàárà ibẹ̀ ń bèèrè ohun mìíràn. Ìlú tí ọjà ti wá kì í ṣe ìpìlẹ̀ tí a fi pín ẹni tó ń rà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2003

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ti ìdánwò nìkan ni èyí. Gbogbo wa tí a ti ń lo fóònù láti ọjọ́ tó pẹ́ rántí pé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2001, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ka owó. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni yóò san. Ní oṣù Ògọ́sì 2003 ni Glo wọlé, ohun tí ó sì gbé wá ni kíka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ká fi 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 yóò san 50 náírà ní ìlànà àtijọ́, ṣùgbọ́n 10 náírà ni ní ìlànà tuntun. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé yóò san 500 náírà lọ́nà méjèèjì. Ta ni ìlànà tuntun yìí wá ṣe lóore? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kúkurú ni.

Bí ẹ bá bá ìtàn yìí pàdé nínú ìdánwò, ọwọ́ yín yóò fẹ́ kọ pé owó tó ń wọlé ni ìpìlẹ̀, pé àwọn tálákà ni wọ́n ń wá. Ẹ dán an wò. Oníṣòwò olówó tó ń pe awakọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlélógún lójúmọ́ láti bèèrè pé, «Níbo lo dé?» ń jèrè nínú ìlànà yìí. Tálákà tó ń bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀ pẹ́ títí lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò rí èrè kan tó pọ̀ níbẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń lo fóònù ló pín wọn, àpò rẹ̀ kọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kúkurú ni owó wọn kò pọ̀, èyí ló sì ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Nǹkan méjì lè máa rìn pọ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ìdí.

Nígbà tí ẹ̀sìn bá wọ inú ìtàn

Ibì kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń ṣìnà. Bí wọ́n bá ti rí Mùsùlùmí nínú ìbéèrè, wọn yóò kọ irú ẹni, nítorí pé ẹ̀sìn wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó tọ̀nà, nígbà mìíràn kò tọ̀nà.

Bí òǹtẹ̀wé kan bá ń tẹ Kùránì fún àwọn Mùsùlùmí, tó sì ń tẹ Bíbélì fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀sìn ló pín wọn. Irú ẹni ni, ẹ kọ ọ́.

Bí oníṣòwò kan bá ń ta dàbínù ní àpò ńlá jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí ó ń di í sí ọ̀rá kéékèèké nínú oṣù Rààmàdáánì fún ìṣínu, ẹ dán an wò. Mùsùlùmí kan náà ni nínú Ṣàábáànì àti nínú Rààmàdáánì. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò yí padà, ìrajà rẹ̀ ló yí padà. Àsìkò tí a ń rà á ni ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ ìṣe sì ni.

Ẹ tún wo báńkì tí kò ní èlé, irú èyí tí Jáísì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012. Bí ìbéèrè bá sọ pé àwọn tó ń wá síbẹ̀ ni àwọn tí ọkàn wọn kò fẹ́ èlé rárá, ẹ̀sìn nìkan kò pín wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ní àkáǹtì ní báńkì mìíràn, báńkì aláìlélé náà kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ohun tí ènìyàn gbàgbọ́ tí ó sì di mú nínú ọ̀rọ̀ owó ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpìlẹ̀ èrò-ọkàn ni. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè kan náà bá sọ pé nítorí pé owó ìtọ́jú àkáǹtì ibẹ̀ kéré ni wọ́n ṣe ń wá, ọ̀rọ̀ ti yí: àǹfààní tí wọ́n ń wá ni, ó sì ti di ìṣe. Gbólóhùn kan tó sọ ìdí lè yí gbogbo ìdáhùn padà.

Gàrí pàápàá lè yí bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn bá sọ pé ìyá wa ń fi gàrí funfun tó kan ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú, tó sì ń fi èyí tí a fi epo pupa yan ránṣẹ́ sí Bìní, nítorí pé bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ibùgbé ni ìpìlẹ̀. Bí ó bá sọ pé gàrí kan náà ni ó ń tà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kékeré fún àwọn tí owó ọjọ́ kan kò lè ra kóńgò, owó tó ń wọlé ni, irú ẹni sì ni. Ẹ má ṣe há ìdáhùn sórí fún gàrí. Ẹ ka ìdí tí ìtàn sọ.

Yíyan ìsọ̀rí tí a ó dojú kọ

Lẹ́yìn pípín ni yíyan. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta nípa ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: ṣé ó tóbi tó láti mú èrè wá, ṣé a lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣé agbára wa sì gbé e? Ìyá wa kò lè yan ju 60 kóńgò lọ, nítorí náà ó ní láti yàn.

Bí ó bá dojú kọ àwọn olóúnjẹ nìkan, 60 kóńgò lọ́nà 80 náírà jẹ́ 4,800 náírà lọ́sẹ̀, owó náà yóò sì wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún un lè má dúró dè é. Bí ó bá dojú kọ àwọn ilé nìkan, 60 lọ́nà 150 jẹ́ 9,000 náírà. Bí ó bá kọ́kọ́ fún àwọn tó ń mu gàrí ní tiwọn, 40 ènìyàn lọ́nà ìlàjì kóńgò jẹ́ 20 kóńgò. 20 lọ́nà 300 jẹ́ 6,000 náírà. Yóò ku 40 kóńgò fún àwọn ilé. 40 lọ́nà 150 jẹ́ 6,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000 náírà. Èyí ló dára jù: ìsọ̀rí méjì, gàrí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi àwọn olóúnjẹ sílẹ̀ fún ẹni tí agbada rẹ̀ pọ̀ jù tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ìpìlẹ̀ òdì yóò nà án. Ká ní ó gba ìdáhùn àwọn tó kọ ọjọ́ orí àti iṣẹ́, tí ó sì sọ pé, «Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà gàrí mímu mi.» Yóò ṣe 12 kóńgò fún àwọn 24 náà, yóò sì jèrè 3,600 náírà, 48 kóńgò tó kù yóò lọ sí àwọn ilé, èrè rẹ̀ jẹ́ 7,200 náírà. Àpapọ̀ jẹ́ 10,800 náírà. Ó ti pàdánù 1,200 náírà lọ́sẹ̀, nítorí kò rí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ 16.

Nígbà tí yunifásítì bá wá lọ fún ìsinmi ńkọ́? Lójú ìyá tó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọjà òun, gàrí mímu ti parí. Yóò yan gàrí ẹ̀bà nìkan, yóò sì jèrè 9,000 náírà. Ṣùgbọ́n ìyá tó mọ̀ pé ìlò ló pín ọjà mọ̀ pé bàbá àgbẹ̀ ṣì ń lọ sóko. Yóò ṣe 8 kóńgò fún àwọn 16, èrè 2,400 náírà, àti 52 kóńgò fún àwọn ilé, èrè 7,800 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ 10,200 náírà. 1,200 náírà kan náà ni ó tún fi jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan náà àti agbada kan náà ni wọ́n ń lò.

Ṣé ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ibùgbé kò wúlò mọ́ ni? Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe. Ìlò ló pín àwọn oníbàárà. Iṣẹ́ àti ibùgbé ló ń sọ ibi tí a ó ti rí wọn. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó gbé àtẹ sí ẹ̀bá ilé tí wọ́n ń gbé; fún àwọn àgbẹ̀, kí ó ta á ní àárọ̀ kùtù ní ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé ìdánwò ti fi han ẹni tó ń máàkì pé òun kò kàn ka ìwé, ó yé òun.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ìpìlẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ ẹ̀ka rẹ̀: ẹ má kọ «ìṣe» kí ẹ dúró, ẹ kọ «ìṣe, ní ti ìlò àti àǹfààní tí wọ́n ń wá». Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀rí jáde láti inú ìtàn, ó kéré tán ẹyọ kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gbólóhùn kan lé ìpìlẹ̀ tó lè tan ènìyàn jẹ jìnnà, fún àpẹẹrẹ: «Kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbẹ̀ ń ra gàrí kan náà.» Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan ìsọ̀rí, kí ẹ sì fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Bí ìpìlẹ̀ méjì bá hàn nínú ìtàn kan lóòótọ́, ẹ kọ èyí tó mú kí oníṣòwò yí ọjà rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí olórí, kí ẹ sì dárúkọ èkejì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gba èyí lọ sílé: «Ọkùnrin aránṣọ kan ní Ìsẹ̀ kíyè sí i pé láàrin àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ òun, àwọn kan ń rán aṣọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá, wọn kì í sì í wá mọ́ títí ọdún yóò fi yí po, àwọn mìíràn ń wá lóṣooṣù. Ó pinnu láti máa gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ti Iléyá, kí ó sì máa ṣe ẹ̀dínwó fún àwọn ti oṣooṣù.» Obìnrin wà níbẹ̀, Ìsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀sìn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí ó yí padà, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì mú ènìyàn méjì wá síwájú ara yín. Ìdáhùn rẹ̀ yóò jáde ní oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.